Ìyá Ó-kù-díẹ̀ àti Ìbéèrè Keje

Obìnrin kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ láti gún lọ. Ìṣirò oògùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí dókítà bá kọ báyìí, tí ohun tó wà nínú ìgò sì jẹ́ báyìí, mélòó ni kí nọ́ọ̀sì fà sínú sírínjì? Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ tó o bá rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, awò ojú ní ṣóńṣó imú, ètè rẹ̀ fún pọ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọsàn kíkan, wàá rò pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn láyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Ìyá Ó-kù-díẹ̀. Ó mọ̀. Ó ní orúkọ náà sàn ju èyí tí wọ́n ń pe òun tẹ́lẹ̀ lọ.

Àáké ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi jẹ́ Àáké, ó sì gbádùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń ṣàlàyé. Á kọ ọ́ sí pátákó, á nu pátákó, á ṣe ìdánwò, á to orúkọ láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn, á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá gba mẹ́wàá nínú ogún, ó ti yege. Ẹni tí kò bá tó o, kó lọ di ẹrù rẹ̀. Á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á ká apá mọ́ àyà, á máa wo ojú àwọn tó ń wá orúkọ wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. "Ẹni tí kò bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, odi ni," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Àwọn tíṣà yòókù a rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tíṣà gidi nìyẹn, ọmọ ò fi í ṣeré. Àwọn òmùgọ̀! Òun alára sì ni olórí wọn.

Ikùn ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó dé òru kan tí ìrora mú un ní ìhà ọ̀tún, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó wà lórí ibùsùn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan wọlé pẹ̀lú sírínjì, tẹ̀rín tẹ̀rín.

"Mélòó ni dókítà ní kó o fún mi?" ni Àáké béèrè.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Èló lo gbà nínú ìdánwò mi?"

"Méjìlá nínú ogún, Mà! Ẹ tiẹ̀ kọ 'Ó gbìyànjú' sí i fún mi."

Àáké wo sírínjì náà. Méjìlá nínú ogún. Ìyẹn ni pé ọmọ yìí ṣi mẹ́jọ, òun sì mú bírò pupa, òun kọ 'Ó gbìyànjú', òun tì í sínú wọ́ọ̀dù. Mẹ́jọ wo? Kò mọ̀. Kò wò ó rí. Iye ló kà, kò ka àṣìṣe. Ó ní kí ọmọ náà ṣe ìṣirò náà sókè kí òun gbọ́. Mìlígíráàmù àádọ́ta ni dókítà kọ. Ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ìgò, nínú omi mìlílítà méjì. Ọmọ náà ti fa gbogbo mìlílítà méjèèjì.

"Ìlọ́po méjì lo gbé wá fún mi yìí," ni Àáké wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Àáké kò bú u, ohun tó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu nìyẹn. Ta ni ì bá bú? Ẹni tó buwọ́ lù ú pé ó tó nọ́ọ̀sì ń bẹ lórí ibùsùn, okùn iṣẹ́ abẹ níkùn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ó wo ẹ̀yìn fún ọjọ́ mẹ́fà tó lò níbẹ̀, ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn. Ó rí ọgọ́rọ̀ àwọn tó gba méjìlá tó wà nínú wọ́ọ̀dù káàkiri. Ó tún rí àwọn tó gba mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, tí òun lé lọ sílé nígbà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ló ti kórìíra Àáké ju bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kórìíra rẹ̀ lọ.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ra bírò pupa tuntun, ó yí nǹkan padà. Ó ní kò sí mẹ́wàá mọ́. Méjìdínlógún nínú ogún ni ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, fún ọlọ́pọlọ pípé àti fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń fẹsẹ̀ wọ́. Ohun tí kò dọ́gba ni ọjọ́ tí oníkálukú máa dé ibẹ̀. Ìdánwò àkọ́kọ́ kò sì lọ sórí ilẹ̀kùn mọ́. Á kó o lọ sílé, á tò ó sórí tábìlì, á máa wá ibi tí oníkálukú ti ṣìnà. Àwọn kan ń pín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sọ di púpọ̀. Àwọn kan ń ṣe é dáadáa, àmọ́ wọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín mìlígíráàmù àti máíkírógíráàmù. Àwọn kan mọ gbogbo rẹ̀, ìkánjú ló ń pa wọ́n. Ẹni tí kò bá tíì tó méjìdínlógún, kò ní kọ 'O kùnà' sí ìwé rẹ̀. 'Ó kù díẹ̀' ló máa ń kọ, á wá kọ ohun tó kù gan-an sísàlẹ̀: 'Ó kù díẹ̀. O pín 5 sí 125, ìdàkejì ni.' Níbẹ̀ lorúkọ ti bẹ̀rẹ̀.

Má rò pé ó di oníwà pẹ̀lẹ́ o. Ẹnu rẹ̀ ò yí padà. "Ìwọ yìí, màlúù máa mọ èyí kó o tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ wàá mọ̀ ọ́n, mi ò ní kú kó o tó mọ̀ ọ́n." Bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ni. Àmọ́ kì í tún àlàyé àná sọ fún ẹni tí àlàyé àná kò yé. Ó ní ẹni tó bá ń pariwo ohun kan náà sétí ẹni tí kò gbọ́, òun gan-an ni dìndìnrìn. Á wá ọ̀nà mìíràn: á gbé sírínjì àti omi aláwọ̀ sílẹ̀, á ní kí wọ́n fà á kí wọ́n fojú rí i, tàbí kó ní kí akẹ́gbẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n jókòó tì wọ́n. Àwọn tó ti dé ibẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ kì í jókòó lásán, á kó ìṣirò tó le jù fún wọn, ti ọmọ tí kò tóṣù àti ti aláìsàn tó ń gba omi mẹ́ta pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìdánwò kejì dé. Ohun tó ń dán wò kò yí padà, àmọ́ oògùn, iye àti aláìsàn inú ìbéèrè ti yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà há ìdáhùn sórí bí ẹyẹ ayékòótọ́.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn méjìlélọ́gbọ̀n ló wà ní kíláàsì rẹ̀. Nínú wọn ni obìnrin kan wà tó ti ń sún mọ́ ọdún márùndínlógójì, tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù kó tó lọ ka ìwé ẹ̀rí tó fi wọlé. Àwọn ọmọdé kíláàsì ń pè é ní Ìyá Mọ́ọ̀pù. Òfin ilé ẹ̀kọ́ náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá lé kò lè padà wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti pé kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún márùndínlógójì nígbà tó bá ń padà bọ̀. Oṣù mẹ́rin péré ló kù fún Ìyá Mọ́ọ̀pù kó pé márùndínlógójì. Tí wọ́n bá lé e lọ́dún yìí, mọ́ọ̀pù ló ń padà lọ dì mú títí ayé. Ó mọ̀, tíṣà rẹ̀ náà mọ̀.

Ó gba mẹ́sàn-án nínú ìwé àkọ́kọ́.

"Ìgò oògùn ló ń dà mí láàmú, Mà," ó wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Tí wọ́n bá ní báyìí báyìí wà nínú mìlílítà kan, ojú mi á ṣú."

"Nígbà tó o ń nu ilẹ̀, báwo lo ṣe ń po oògùn apakòkòrò?"

"Ìdérí kan sí ife omi mẹ́wàá."

"Tí omi inú garawa rẹ bá jẹ́ ife márùn-ún ńkọ́?"

"Ìdajì ìdérí." Kò tilẹ̀ ronú.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tó bá pọ̀ jù, á bó èèyàn lọ́wọ́. Tó bá kéré jù, ilẹ̀ á máa rùn, sísítà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù á sì kígbe."

"Ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń ṣe ìṣirò oògùn, o wá jókòó síwájú mi ò ń sunkún. Gbéra ńlẹ̀, jọ̀ọ́. Lọ gbé garawa wá."

Garawa, ìdérí àti ife ni wọ́n fi ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwé kejì, mẹ́rìnlá. 'Ó kù díẹ̀. Ìgò ti yé ọ. Máíkírógíráàmù ló kù.' Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìwé kẹta, mọ́kàndínlógún. Ìyá Ó-kù-díẹ̀ kò kí i kú oríire. Ó ní, "Èwo lo ṣì?" obìnrin náà sì tọ́ka sí i kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ẹnìkan náà wà ní kíláàsì yẹn tí wọ́n ń pè ní Ipò Kìíní. Ìgbà tí wọ́n ń gba àwọn ọmọ wọlé, òun ló ṣáájú. Nínú gbogbo iṣẹ́ yòókù, òun ló ṣáájú. Ó máa ń na kọ́là aṣọ rẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ló gbà nínú ìwé àkọ́kọ́, ó sì rí i lórí rẹ̀: 'Ó kù díẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó o ṣì, máíkírógíráàmù ni gbogbo wọn.'

"Mà, ẹni tó gba mẹ́tàdínlógún ni kó wá bá àwọn onígarawa jókòó?"

"Àwọn onígarawa ń lọ síbi tí ìwọ ò tíì dé."

Ó rẹ́rìn-ín, kò wá. Kò ṣe ìwé kejì, kò ṣe ìkẹta. Ó lọ fẹjọ́ sun ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, kì í ṣe ìkà. Ó rọrùn láti bá ìkà jà. Èyí jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn àtẹ orúkọ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Ìwé ẹ̀rí kan wà lára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀, nínú férémù oníwúrà: ipò kìíní nínú ìṣirò oògùn, ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ìwé yẹn ló kọ́kọ́ máa rí kó tó rí i. Òun ló ń fúnra rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀, tábìlì rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí eruku bò.

Ó pe Ìyá Ó-kù-díẹ̀. Àkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ lọ sí wọ́ọ̀dù wà níwájú rẹ̀, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Màmá, níbo ni ipò wà níbí?"

"Kò sí ipò, sà. Àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyẹn tó ti dé ibẹ̀. Àwọn méjì ṣì ń bọ̀, mo ṣì ń bá wọn ṣe é. Ọ̀kan ò fẹ́ wá."

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú méjìlélọ́gbọ̀n, tí gbogbo wọn gba méjìdínlógún sókè?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìka ò dọ́gba, Màmá."

"Ẹ ká wọn kò, ẹ wò ó bóyá orí wọn ò ní dọ́gba."

Ọ̀gá ò ká ìka kankan kò. "Ìgbà àkọ́kọ́, ẹni mélòó ló yege?"

"Mẹ́jọ. Ìgbà kejì, wọ́n di mọ́kànlélógún. Ìkẹta ló di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Wọn ò yára bákan náà, sà, mi ò sì sọ pé wọ́n máa yára bákan náà. Ibi tí wọ́n ń lọ ló jẹ́ ọ̀kan."

"Ẹ ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣòfò."

"Ní apá àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ náà ni. Ní apá kejì, ọjọ́ mẹ́ta la fi tún un ṣe. Ẹni tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá ti dúró, bíríkì tó kù kì í pẹ́."

Ọ̀gá fi ìka kan orúkọ Ìyá Mọ́ọ̀pù. "Mẹ́sàn-án. Mẹ́rìnlá. Mọ́kàndínlógún. Màmá, ẹni tó gba mẹ́sàn-án kì í gba mọ́kàndínlógún. Àyàfi tó bá jalè. Ẹ ti sọ ìbéèrè fún wọn." Ó fa ìwé kan yọ láti inú dúrọ́ọ̀. Lẹ́tà ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, orúkọ Ìyá Mọ́ọ̀pù sì wà lókè rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni màá dán wọn wò lọ́la. Tí olè yìí bá fara hàn, obìnrin yìí ló máa kọ́kọ́ lọ, gbogbo àwọn tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta á tẹ̀ lé e."

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á. Ẹ̀gàn ló kún inú rẹ̀. Ó wo férémù oníwúrà, ó wo tábìlì eléruku, ó ní, "Ẹ ṣe é, sà. Ẹ ṣáà má ṣe mú ìwé mi. Ẹ mú tiyín."

Ìwé tirẹ̀ náà ni ọ̀gá mú lóòótọ́: ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń já, tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́. Inú rẹ̀ ló ti yan ogún ìbéèrè. Ó fúnra rẹ̀ ṣọ́ wọn ní gbọ̀ngàn, ó ń rìn láàárín àga bí ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tó máa mú. Ìyá Mọ́ọ̀pù jókòó síwájú pátápátá. Tíṣà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó ń fi inú bú gbogbo ayé.

Lọ́jọ́ kejì, kò tíì tó aago mẹ́sàn-án tí ọ̀gá ti ránṣẹ́ pe àwọn mẹ́ta: tíṣà, Ìyá Mọ́ọ̀pù àti Ipò Kìíní. Inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ẹni tó bá ewúrẹ́ aládùúgbò nínú oko rẹ̀.

"Olè ti fara hàn!" ó wí. "Ìbéèrè keje. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú wọn ló kọ ìdáhùn kan náà, ìdáhùn náà kò sì tọ̀nà! Àwọn méjì ò kọ nǹkan kan. Báwo ni mọ́kàndínlọ́gbọ̀n èèyàn ṣe máa ṣi nǹkan kan náà lọ́nà kan náà, tí kì í bá ṣe pé wọ́n jí i wò lára ara wọn? Ẹnìkan ṣoṣo ló gbà á." Ó gbọ́wọ́ lé Ipò Kìíní léjìká. "Ògidì kì í ṣe àdàlù."

Ipò Kìíní na kọ́là rẹ̀.

Ìyá Ó-kù-díẹ̀ na ọwọ́ gba ìwé náà. Ìbéèrè keje: ọmọ kan tó wọn kílò mẹ́jọ. Máíkírógíráàmù mẹ́wàá ni kí wọ́n fún un fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ìgò kékeré kan gba mìlílítà kan, mìlígíráàmù 0.1 ló sì wà nínú rẹ̀. Mìlílítà mélòó ni kí nọ́ọ̀sì fà? Àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ 0.8. Ìdáhùn ọ̀gá jẹ́ 8.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín kan gùn ún láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó gbé e mì.

"Ìwọ," ó wí fún Ìyá Mọ́ọ̀pù. "Báwo lo ṣe ṣe é? Sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀."

Obìnrin náà wo lẹ́tà tó wà lórí tábìlì, ó ti rí orúkọ rẹ̀. "Ọmọ kílò mẹ́jọ, mẹ́wàá fún kílò kan, ọgọ́rin máíkírógíráàmù ni. Mo wá lọ wo ìgò. Mìlígíráàmù kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún máíkírógíráàmù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ló wà nínú ìgò, ìyẹn ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún wà nínú mìlílítà kan, ọgọ́rin ni mo ń wá. Ọgọ́rin ò tó ọgọ́rùn-ún, sà. Kò lè tó ìgò kan." Ó mí kanlẹ̀. "Tí mo bá rí i pé mo fẹ́ fọ́ ìgò kejì fún ọmọ kékeré, mo ti mọ̀ pé mo ti ṣìnà nìyẹn."

Ìyá Ó-kù-díẹ̀ fi ìwé náà lélẹ̀ níwájú ọ̀gá.

"Ìgò mẹ́jọ ni tiyín, sà," ni Ìyá Ó-kù-díẹ̀ wí. "Mẹ́jọ. Fún ọmọ tí ò tíì lè rìn. Ẹ máa jókòó síbẹ̀, ẹ máa fọ́ ìgò, pá, pá, pá, títí ẹ ó fi dé ìkẹjọ, kò sì ní sọ sí yín lọ́kàn pé nǹkan kan ń ṣe yín."

"Àṣìṣe ìtẹ̀wé ni," ni ọ̀gá wí kíákíá.

Ìwé àtijọ́ náà ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kò tilẹ̀ tọrọ gáfárà. Iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀: mìlígíráàmù kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún máíkírógíráàmù, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wo ló ń fi bírò búlúù kọ̀wé, sà?"

Ipò Kìíní ti fa ìwé tirẹ̀ mọ́ra. Ó ń wo 8 tó kọ. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. "Mẹ́ta tí mo ṣì nígbà yẹn," ó wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀, "irú èyí ni. Ẹ kọ ọ́ sí i fún mi, Mà."

"Mo kọ ọ́."

"Mo rò pé ẹ fẹ́ fi mí wọ́lẹ̀ ni."

Ọ̀gá ni Ìyá Ó-kù-díẹ̀ kọjú sí, ó sì béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ tó ti ń wo férémù yẹn. "Èló lẹ gbà, sà? Lọ́dún tí wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí yẹn."

"Èmi ni mo ga jù."

"Mo gbọ́. Èló?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. "Mẹ́rìndínlógún nínú ogún."

"Mẹ́rin wo lẹ ṣì?"

Kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un rí. Wọn ò dá ìwé náà padà fún un. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n fún un ní férémù, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì gbé mẹ́rin náà káàkiri fún ọdún méjìlélógún bí ẹni gbé òkúta sínú àpò. Ìyá Ó-kù-díẹ̀ rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ṣírò iye wọ́ọ̀dù tí òun ti ṣiṣẹ́ rí, iye ọmọ kékeré tó wà níbẹ̀. Ì bá ṣàánú rẹ̀. Kò ṣàánú rẹ̀. Ó rántí ẹni tó sùn lórí ibùsùn tí wọ́n gbé ìlọ́po méjì wá fún, ó rántí ẹni tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gàn tó ní fún Àáké àti fún ọ̀gá yìí jẹ́ ọ̀kan.

"Àwọn ọmọ tí ẹ ní wọ́n jalè," ó wí, "a sọ ohun tó kù fún wọn, wọ́n sì lọ mú un wá. Kò sí idán níbẹ̀. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ò tún un ṣe, ẹ̀yin méjì lẹ ṣì í. Ẹ buwọ́ lùwé mi, sà."

Ọ̀gá mú bírò. Ó buwọ́ lu àkọsílẹ̀ àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ló mú lẹ́tà Ìyá Mọ́ọ̀pù, ó fà á ya sí méjì, ó kó o sápò bíi pé ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Mọ́ọ̀pù fara ti ògiri, ó sunkún títí ọrùn aṣọ rẹ̀ fi rin.

"Sunkún tán kíákíá," ni tíṣà rẹ̀ wí. "Iṣẹ́ wà fún ẹ." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka Ipò Kìíní, tó dúró lẹ́yìn wọn tí kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. "Kọ́ ọ ní máíkírógíráàmù. Ìwọ lo mọ ibi tó ti ń le, ó ṣì wà lára rẹ."

Ipò Kìíní wo bàtà rẹ̀. "Aago mélòó, àǹtí?" ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Mọ́ọ̀pù. Kò pe obìnrin náà ní àǹtí rí.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Ipò Kìíní ṣe ìwé tó kàn, ó gba ogún. Àwọn méjì tó ṣì ń bọ̀, ọ̀kan dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èkejì kò tíì dé ibẹ̀ títí di òní, Ìyá Ó-kù-díẹ̀ sì ń bú u lójoojúmọ́, ó sì ń jókòó tì í lójoojúmọ́.

Kó tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí ọ̀gá buwọ́ lùwé, ó ti mú bírò pupa rẹ̀ yọ, ó ti kọ 'Ó kù díẹ̀' sẹ́gbẹ̀ẹ́ 8 ọ̀gá, ó ti fi ìwé ìdánwò kan tẹ́nikẹ́ni ò tíì dáhùn lé e lórí, ó sì ti jáde. Kò retí nǹkan kan. Ẹni tó ti fi férémù kọ́ ògiri kì í sábà fẹ́ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní òpin oṣù náà, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láàárọ̀, ó tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Wọ́n ti tì í wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ogún ìbéèrè, wọ́n ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Kò sí orúkọ níbẹ̀, bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó jókòó, kò tilẹ̀ bọ́ báàgì léjìká, ó ṣe máàkì rẹ̀. Gbogbo máíkírógíráàmù ló tọ̀nà. Ohun tó ṣì jẹ́ mẹ́ta, ìṣirò omi tó ń kán sínú iṣan aláìsàn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹ́tàdínlógún.

Inú rẹ̀ dùn, ó sì bí i nínú pé inú rẹ̀ dùn. Máàkì kan ṣoṣo ló kù fún ọkùnrin yìí, àgbàlagbà ni, ọ̀gá òun ni, ojú ti tì í tó. Ó mú bírò pupa. Ó kọ ọ́ sókè ìwé náà, gàdàgbà: 'Ó kù díẹ̀. Omi tó ń kán ló kù. Ẹ wá bá wa ní ọjọ́rú, garawa wà níbẹ̀.' Ó dìde, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá, ó sì tì í wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn.